Ó Wà

Ìṣẹ́jú àáyá 38 péré ni fídíò náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àdùkẹ́ gbé fóònù ti agolo gọ́ọ̀mù, ó lẹ awọ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà kan, ó fi òòlù lù ú yíká, ó yí i padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé e jáde. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọwọ́ ni mo fi ṣe é. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó lọ sùn.

Nígbà tó jí ní aago 5, àtẹ̀jíṣẹ́ 217 ló bá.

Ní ìsọ̀, bí oníbàárà bá béèrè nǹkan, "ó wà" lọlọ́jà ń fèsì. Bí kò bá tiẹ̀ sí lórí àtẹ, á ní kí oníbàárà jókòó, á sáré lọ mú un lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń tajà. Ọdún 14 tí Àdùkẹ́ ti ń tajà, báyìí ló ṣe ń tà á, báyìí náà ló sì ṣe dá àwọn ará inú fóònù lóhùn. Ó wà, sà. Ó wà, mà. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ á tẹ̀ yín lọ́wọ́. Títí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ka orúkọ, òun ń tẹ èsì. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, ó ti ṣèlérí bàtà 94, èèyàn 61 sì ti sanwó.

Kò sẹ́ni tó ṣírò nínú àwọn méjèèjì.

Kúdí, ọmọṣẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ bi í nígbà tó dé ìsọ̀. "Àǹtí, bàtà 5 la máa ń ṣe lójúmọ́. Àbí ẹ fẹ́ gba ẹlòmíì síṣẹ́ ni?"

Àdùkẹ́ ò dáhùn. Ó ti ń pe ẹni tó ń ta awọ. Awọ ewúrẹ́ kan máa ń gbé bàtà 6 bí wọ́n bá gé e dáadáa, nítorí náà 16 ló fẹ́. 10 péré ló kù nínú búráwùn tó wà nínú fídíò. Ọ̀gbẹ́ni náà fi 6 mìíràn kún un, ó ní búráwùn kan náà ni. Nínú òkùnkùn ìsọ̀ rẹ̀, ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n tú u síta lójú oòrùn ni wọ́n rí i pé ó ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìgbà tí omi bá ta sí i. Kúdí sì ti gé ọ̀kan nínú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà àti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn ò sùn. Bàtà 12 ni wọ́n parí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn, torí gọ́ọ̀mù kì í gba ìkánjú. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sí, ti awọ àti ti àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tó bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yìn ìka ni Àdùkẹ́ fi ń dán an wò: bí gọ́ọ̀mù bá ṣì ń fà tẹ̀lé ìka, kò tíì yá. Bí kò bá fà mọ́, tó kàn rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á pa ojú méjèèjì pọ̀ tí wọ́n á fi òòlù lù ú. Òjò sì rọ̀ ní òru méjèèjì. Inú ọ̀rinrin, ìṣẹ́jú 15 á di 30. Àwọn méjèèjì ò dúró de 30. Wọ́n pa á pọ̀ ní tútù, omi gọ́ọ̀mù há sáàárín, ó sì dà bíi pé ó ti lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwòrán kan wọlé. Sálúbàtà tuntun ni, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ la ẹnu síwájú bí ẹja. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ò gùn: "Mà, mo wọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà." Kó tó di alẹ́, 4 nínú àwọn 12 ló ti la ẹnu. Ẹlòmíì ní ẹsẹ̀ òun ò wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 42 lòun sọ. 42 oníbàtà kan yàtọ̀ sí 42 oníbàtà kejì. Àdùkẹ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ní ìsọ̀, ẹsẹ̀ máa ń wà níwájú rẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pa fídíò náà rẹ́," ni Títí wí.

"Bá mi mú ìwé wá."

Ó fi rúlà fàlà sí i, ọ̀nà mẹ́fà: nọ́ńbà, orúkọ, gígùn ẹsẹ̀, àwọ̀, owó tó wọlé, ọjọ́. Títí yẹ owó wò níbi àkáǹtì, kì í ṣe níbi àwòrán tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́, torí 2 nínú àwọn àwòrán náà ò ní owó kankan lẹ́yìn. Àwọn yẹn ò sí lára 61. Àwọn 33 tí kò tíì sanwó ni Àdùkẹ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí: ìwé ti kún, ẹ má bínú, a ó kàn sí yín. Lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn tó sanwó. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi ránṣẹ́.

"Ẹ kú sùúrù. Èmi àti ọmọṣẹ́ kan la ń ṣe bàtà yìí, 5 lójúmọ́. Mo gba iṣẹ́ ju agbára mi lọ, àṣìṣe mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, lónìí ni màá dá a padà. Ẹni tó bá lè dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bébà ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ na bíírò dúró ṣánṣán, ẹ fà á yíká, kí ẹ wọn ún láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù. Ti ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́."

Èèyàn 9 gba owó wọn. Ó ti fi owó ọ̀hún ra awọ, nítorí náà awọ 5 tó ṣú, tí wọn ò tíì gé, padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, pẹ̀lú àríyànjiyàn tó gba wákàtí kan. 52 ló kù, pẹ̀lú àwọn tó ní láti tún bàtà wọn lẹ̀. Ó pín in sí 5, ó rí ọjọ́ 11. Ó kọ ọjọ́ 15 ránṣẹ́ sí wọn. Awọ tí Kúdí ti gé wá di ti àwọn tó ní àwọ̀ ò dun àwọn. 3 péré ni wọ́n.

Lábẹ́ fídíò náà, àwọn èèyàn ṣì ń béèrè. Títí kọ ọ́ sókè pátápátá pé ìwé ti kún.

Ọjọ́ kẹrin, òjò tún ṣú. Àtẹ́lẹsẹ̀ 10 tò sórí pákó, gọ́ọ̀mù ń dán lára wọn. Fóònù ń gbọ̀n lórí àpótí.

"Àǹtí, ṣé kí n gbé e?"

Àdùkẹ́ fi ẹ̀yìn ìka kan àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà nípẹ̀kun. Gọ́ọ̀mù fà tẹ̀lé e bí okùn aláǹtakùn.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Ó ku ìṣẹ́jú 10."