Imú Mi Rèé O: Orin Ìdárayá fún Àwọn Ọmọ Ọdún 2 sí 3

Àǹtí ló ń lé, àwọn ọmọ ló ń gbè. Ẹ jẹ́ kí orin máa gba ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ gbà lọ, kí ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń pe orí àti ọrùn lè gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ohun tí orin wí, kí wọ́n máa wò yín. Ọmọ tó dákẹ́, tó kàn ń wò, ẹ má fi dandan mú un. Ó ń gbọ́, yóò gbé ọwọ́ tó bá yá. Ẹ ká àga kúrò láàárín, kí ẹ tẹ́ ẹní.

Orin ìpéjọ

(A dúró yí ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ké ègbè yẹn dáadáa.)

Lílé: Ọmọ mi dà?
Ègbè: Èmi rèé o!
Lílé: Orí rẹ dà?
Ègbè: Orí mi rèé o! *(ọwọ́ méjèèjì lórí)*
Lílé: Imú rẹ dà?
Ègbè: Imú mi rèé o! *(ìka kan lórí imú)*
Lílé: Ikùn rẹ dà?
Ègbè: Ikùn mi rèé o! *(ẹ fọwọ́ pa á)*
Lílé: Ẹsẹ̀ rẹ dà?
Ègbè: Ẹsẹ̀ mi rèé o! *(ẹ fi janlẹ̀: gì, gì, gì)*
Lílé: Gbogbo ara dà?
Ègbè: Gbogbo ara rèé o! *(ẹ gbọn gbogbo ara jìgìjìgì)*

Bí ó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fi etí, eyín, èjìká àti ìdodo kún un. Ìdodo ni wọ́n máa ń fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n á ká aṣọ sókè láti wá a. Ẹ fún wọn láyè.

Kí lo fi ń ṣe é?

Lílé: Àkàrà ń dín, òórùn rẹ̀ ń ta,
Kí lo fi ń gbọ́ ọ?
Ègbè: Imú ni, imú ni! *(ẹ fa afẹ́fẹ́ símú)*

Lílé: Ìlù ń dún lóde, ó ń dún kíkankíkan,
Kí lo fi ń gbọ́ ọ?
Ègbè: Etí ni, etí ni! *(ẹ fi ọwọ́ gbá etí mú)*

Lílé: Ẹyẹ ń fò lọ, ó ti lọ sókè,
Kí lo fi ń wò ó?
Ègbè: Ojú ni, ojú ni! *(ẹ gbójú sókè)*

Lílé: Mọ́ínmọ́ín ti jinná, ó wà nínú àwo,
Kí lo fi ń jẹ ẹ́?
Ègbè: Ẹnu ni, ẹnu ni! *(ẹ yanu gbàgà, kí ẹ jẹ: nyàmù, nyàmù)*

Fìlà, níbo lò ń lọ?

(Kí fìlà kan, yẹtí tí a fi páálí gé, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ máa mú un sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó lè já, kí ọmọ kankan má gbé e mì.)

Fìlà, fìlà, níbo lò ń lọ?
Orí ni mò ń lọ o, orí ni mò ń lọ.
Yẹtí, yẹtí, níbo lò ń lọ?
Etí ni mò ń lọ o, etí ni mò ń lọ.
Ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀, níbo lò ń lọ?
Ọrùn ni mò ń lọ o, ọrùn ni mò ń lọ.
Bàtà, bàtà, ṣé orí lò ń lọ?
Rárá o, rárá o! *(ẹ mi orí)*
Bàtà, bàtà, ṣé etí lò ń lọ?
Rárá o, rárá o!
Bàtà, bàtà, níbo lò ń lọ?
Ẹsẹ̀ ni mò ń lọ o, ẹsẹ̀ ni mò ń lọ!

Ẹ gbé bàtà yẹn lé orí yín ní tòótọ́ nígbà tí ẹ bá ń bèèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín jù, ibẹ̀ náà ni a ti ń rí i pé wọ́n mọ ibi tí ohun gbogbo ń gbé.

Ta ní ń bọ̀ yẹn?

Ìjàpá ń bọ̀, rọra, rọra,
Gbé ẹsẹ̀ kan, rọra, rọra,
Gbé ìkejì, rọra, rọra,
Ó ti rẹ ìjàpá, jókòó!

Àkèré ń bọ̀, tọ́, tọ́, tọ́,
Ká orúnkún, fò sókè,
Ká orúnkún, fò síwájú,
Ó ti rẹ àkèré, jókòó!

Ẹyẹlé ń bọ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀,
Na apá méjèèjì, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀,
Yí po lẹ́ẹ̀kan, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀,
Ó ti rẹ ẹyẹlé, jókòó!

Jó, kí o dúró

(Agolo mílíìkì òfìfo àti igi kan ti tó ní ìlù. Nígbà tí ìlù bá dá, kí gbogbo ara dá.)

Mi èjìká, mi èjìká, mi èjìká, DÚRÓ!
Mi ìdí, mi ìdí, mi ìdí, DÚRÓ!
Pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́, DÚRÓ!
Sáré, sáré, sáré, DÚRÓ!

Orin ìkíni

Lílé: Ìyá ti dé, báwo lo ṣe ń kí i?
Àwọn ọmọbìnrin: Mo kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀, ẹ kú àárọ̀ mà!
Lílé: Bàbá ti dé, báwo lo ṣe ń kí i?
Àwọn ọmọkùnrin: Mo dọ̀bálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ kú àárọ̀ sà!
Lílé: Ọmọ dáadáa, dìde, dìde,
Orúnkún kúrò nílẹ̀, àyà kúrò nílẹ̀,
Ó dìde, ó dúró ṣánṣán!

Mú un wá fún mi

(Ọmọ kan ṣoṣo ni a ń pè lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí ó ṣe. Bí ó bá ti ń ṣe é dáadáa, ẹ so méjì pọ̀, bí ó ti wà nísàlẹ̀ yìí.)

Lílé: Bólú o!
Bólú: Mà!
Lílé: Bọ́ọ̀lù dà? Lọ gbé e wá.
Gbogbo wọn: Bólú ń bọ̀, Bólú ń bọ̀!
Lílé: Fi kan ikùn, kí o fi kan orúnkún.
Gbogbo wọn: Ó kan ikùn, ó kan orúnkún!
Lílé: Gbé e fún Ṣadé, padà wá jókòó.
Gbogbo wọn: Bólú, o ṣeun o!

Ìka ń jó

Ìka kan ń jó, ìka kan ń jó,
Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, wá ká jọ jó.
Ìka méjì ń jó, ìka méjì ń jó,
Wọ́n pe ẹnìkẹta wọn, wá ká jọ jó.

(Ẹ máa bá a lọ títí dé márùn-ún.)

Ìka márùn-ún ń jó, ìka márùn-ún ń jó,
Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn!

Ọkọ̀ ojú irin lọ síbi omi

(Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àǹtí kan níwájú, Àǹtí kejì lẹ́yìn pátápátá.)

Ọwọ́ léjìká, a ti ṣe tán,
Fàkàfìkì, fàkàfìkì,
Ẹsẹ̀ ń rìn, a kò ti ara wa,
Fàkàfìkì, fàkàfìkì,
A ti dé ìdí omi, DÚRÓ!

Ká apá aṣọ, na ọwọ́ síwájú,
Omi rèé, ọṣẹ rèé,
Fọ àtẹ́lẹwọ́, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́,
Fọ ẹ̀yìn ọwọ́, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́,
Fọ àárín ìka, má gbàgbé àtàǹpàkò,
Èékánná náà ńkọ́? Fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́.
Ṣan án, ṣan án, gbọn omi nù,
Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n!

Lílé: Ọwọ́ ti mọ́?
Ègbè: Ó ti mọ́!
Lílé: Ebi ń pa wá?
Ègbè: Ó ń pa wá!
Lílé: Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun!