Tó Bá Ti Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ló Ń Kú

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìyá Ìbejì gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, gbà mí o, fídíò ìgbéyàwó kọ́sítọ́mà wà nínú ẹ̀, tí n bá ti ní kó rẹ́ńdà báyìí ló máa kú pìì, á tún tan ara ẹ̀ padà." Àwọn kan ti bá wọn pààrọ̀ ráàmù, wọ́n fi Windows tuntun sí i lẹ́ẹ̀mejì, owó lọ, àìsàn ò lọ.

Mo ṣí Event Viewer tí Windows máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, `Kernel-Power 41` ló kún bẹ̀, ìyẹn kàn ń sọ pé ó kú lójijì ni, kò sọ ohun tó pa á. Mo fi mítà sí wáyà yẹ́lò tó yẹ kó gbé fóòlùtì 12, ó jẹ́ 11.9, ó dáa. Mo ní kó rẹ́ńdà. Bí gíráfíìsì káàdì ṣe ń fa iná báyìí, nọ́ńbà ń já wálẹ̀, 11.5, 11.2, 10.9, ojú sikirínì bá dúdú. Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 11.4 rárá.

Mo fi páwà sọ́páláì tèmi, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, rọ́pò tiwọn, ó rẹ́ńdà fún wákàtí 2, kò mira. Ìgbà tí mo tú tiwọn lọ́jọ́ kejì (èèyàn kì í sáré tú u, iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀), orí kapásítọ̀ 3 ti wú, omi búráùn ti jò sídìí wọn.

"Nǹkan kékeré yìí?"

"Òun ni mà."

"Èló ni tuntun? Má tíì sọ, jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó."