Ìgbéléwọ̀n Owó àti Àǹfààní Ọ̀nà Oko Kìlómítà 11 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu bóyá kí a náwó sórí ọ̀nà tó ti àwọn abúlé àgbẹ̀ jáde sí títì tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni a kọ ìjábọ̀ yìí fún. Ètò méjì ló wà níwájú wa. Ètò Kìn-ín-ní ni pé kí a da ọ̀dà sí gbogbo kìlómítà 11 náà, kí a sì gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù ₦1,100 ni yóò ná wa. Èkejì ni pé kí a kọ́ afárá kékeré sórí odò méjèèjì tó dábùú ọ̀nà náà, kí a sì fi katapíláà tún ibi tó bàjẹ́ jù ṣe. Mílíọ̀nù ₦380 ni tirẹ̀.

Odò kejì ni ìnira pọ̀ sí jù. Nígbà òjò, ọkọ̀ akẹ́rù kì í lè kọjá níbẹ̀: wọn a já tòmátì àti máńgòrò sílẹ̀ ní bèbè, ọlọ́kadà a sì máa kó wọn kọjá ní apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fọ́ lójú ọ̀nà kò ní dé ọjà.

Fún Ètò Kìn-ín-ní, a ṣírò àǹfààní mẹ́ta lọ́dún, ọjọ́ 300 la sì fi ṣe ọdún kan. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 240 lójúmọ́ yóò dín ₦1,500 kù lórí epo, táyà àti àtúnṣe, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù ₦108. Èrò 1,080 yóò jèrè ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́. Bí a bá ka wákàtí kan sí ₦400, mílíọ̀nù ₦54 ni. Nínú 6,000 tọ́ọ̀nù irè oko, èyí tó ń bàjẹ́ yóò dín láti ìdá 12 sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ₦200,000 fún tọ́ọ̀nù kan, mílíọ̀nù ₦60 ni. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mílíọ̀nù ₦222. Bí a bá yọ mílíọ̀nù ₦18 ìtọ́jú ọdọọdún, ó ku mílíọ̀nù ₦204. Ní ọdún karùn-ún, a óò tún da ọ̀dà sí i ní mílíọ̀nù ₦120. Àṣẹ́kù Ètò Kejì jẹ́ mílíọ̀nù ₦84 lọ́dún lẹ́yìn ìtọ́jú. A kò ka owó ilẹ̀ tí yóò gbówó lórí mọ́ ọn, nítorí pé ìrọ̀rùn ìrìnàjò tí a ti kà tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e sókè. Ẹni tó bá tún kà á ka ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Náírà tí yóò wọlé ní ọdún kẹwàá kò tó náírà òní, nítorí náà a pín àṣẹ́kù ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú (1 + r)^t, níbi tí r ti jẹ́ ìdá ẹ̀dínwó, tí t sì jẹ́ iye ọdún. Ọdún mẹ́wàá la fi ṣe ìṣírò náà, a kò sì ka iye kankan sí ọ̀nà náà lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn kan nínú wa dábàá pé kí a lo ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé rẹ̀ dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. A kò gbà á, nítorí pé ọ̀wọ́n-gógó ọjà wà nínú ìdá náà, bẹ́ẹ̀ iye owó òní, tí kò ní ọ̀wọ́n-gógó nínú, ni gbogbo owó tí a ṣírò. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ìyà àìtọ́ la fi jẹ àwọn ọdún iwájú. Ìdá 10 la mú gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Láàárín 10 sí 12 náà ni Báńkì Àgbáyé ti lò fún iṣẹ́ bí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èrè àṣẹ́kù ní iye òní nìyí, lẹ́yìn tí a ti yọ ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, ní mílíọ̀nù náírà:

| Ìdá ẹ̀dínwó | Ètò Kìn-ín-ní | Ètò Kejì |
|---|---|---|
| 6% | 311.8 | 238.2 |
| 8% | 187.2 | 183.6 |
| 10% | 79.0 | 136.1 |
| 12% | −15.4 | 94.6 |
| 14% | −98.2 | 58.2 |

Bí ẹnikẹ́ni bá wo ìlà ìdá 10 nìkan, yóò ní ètò méjèèjì lérè, yóò sì fẹ́ mú èyí tó gbòòrò jù tí ará ìlú yóò rí. Ṣùgbọ́n èrè Ètò Kìn-ín-ní pòórá kí ìdá tó pé 12, bíi 11.6 ló ti di òfo. Ohun tó fà á ni pé ìnáwó rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì pín sí ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ìdá tó ga ń jẹ àǹfààní náà run láìfọwọ́ kan ìnáwó náà. Ètò Kejì kò bọ́ sínú òfo ní ìdá kankan tí a dán wò. Bí ìdá bá ti kọjá 8 díẹ̀, òun ló sàn jù.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fọwọ́ sí Ètò Kejì lọ́dún yìí, kí a sì kọ́ afárá méjèèjì ní ìwọ̀n tí ọ̀dà yóò lè gbà kọjá lórí wọn láìwó wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí a tún ka ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀, nítorí pé bí iye wọn bá ju 240 lójúmọ́ lọ dáadáa, ìṣírò Ètò Kìn-ín-ní yóò yí padà, a ó sì lè mú un padà wá síwájú ìgbìmọ̀.