Lẹ́tà sí Àkànní: Owó Pàjáwìrì Ná, Kí Kírípítò Tó Dé

Àkànní ọmọ mi,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí gan-an, ìyá rẹ sì ti fi fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege rẹ han gbogbo ẹni tó yà sílé wa. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ níbẹ̀ pé ìlàjì owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ máa bọ́ sínú bítíkọ́ìnì, torí pé "owó tó bá dúró sójú kan, jíjó ló ń jó." Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n wá bébà. Ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn ju ohun tí àtàǹpàkò mi lè tẹ̀ lórí fóònù lọ.

Mi ò kọ̀wé láti sọ pé jìbìtì ni kírípítò. Àwọn ojúgbà mi kan ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò bá wọn sọ ọ́. Mo mọ̀ pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni bítíkọ́ìnì ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé àpapọ̀ rẹ̀ ò lè ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́la, kò sí owó kankan nílẹ̀ tí o lè nawọ́ sí.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ rí. Lọ́dún tí o pé ọmọ ọdún márùn-ún, mo kó gbogbo owó tí mo tù jọ, mo fi ra ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ kan. Ìpín náà ò burú, mo ti wádìí rẹ̀ dáadáa. Lóṣù kẹrin, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dáwọ́ owó oṣù wa dúró, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ wọ ilé ìwòsàn. Mo lọ wo iye tí ìpín mi ń lọ: kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí mo rà á. Mo tà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Kò ju ọdún méjì lọ tó fi padà sí iye tí mo rà á, tó sì kọjá rẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ló jèrè. Títí dòní, ìwádìí tí mo ṣe kí n tó rà á ò lábùkù lójú mi. Àìsàn ló bá mi yan ọjọ́ tí mo tà.

Wàyí o, wá wo bítíkọ́ìnì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 69,000. Nígbà tí ọdún fi yí po, ó ti já wá sí nǹkan bíi 16,000. Ẹni tó fi 100 síbẹ̀ kù sí nǹkan bíi 23. Lóòótọ́, ní oṣù kẹta 2024 ó tún kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń fi hàn ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó tì í fún ohun tó lé lọ́dún méjì láìfọwọ́ kàn án? Ẹni tó ní owó mìíràn tó ń jẹ ni.

Wàhálà kì í sì í dá rìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2020, bítíkọ́ìnì pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn náà ni kòrónà ń ti ilé iṣẹ́ pa káàkiri ayé. Ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn máa nílò owó jù ni ọ̀sẹ̀ tí kọ́ìnì rẹ̀ kéré jù.

Mo ti ń gbọ́ èsì rẹ: "Bàbá, màá kó owó pàjáwìrì náà sínú kọ́ìnì tí wọ́n so mọ́ dọ́là, ó tún ń mú èlé wá." Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀ nípa TerraUSD. Dọ́là kan ló yẹ kó máa jẹ́ nígbà gbogbo, èlé tí wọ́n sì ń san lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 20 nínú 100 lọ́dún. Ní oṣù karùn-ún 2022, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di ẹ̀kúfọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn tó kówó sí FTX, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á, rí i pé owó wọn ń hàn lójú fóònù, àmọ́ kò ṣeé gbà jáde. Èmi ò pe ohun tí mi ò lè rí gbà lóru ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ní owó pàjáwìrì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kọ ohun tí o ń ná lóṣù sílẹ̀: owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, iná, dátà, oògùn. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni o ń san án, pín in sí 12. Má ka aṣọ àti fàájì mọ́ ọn. Ká ní ó jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ, tí o sì ń fi ìdá méjì pamọ́: oṣù mẹ́ta ni wàá fi kó ìnáwó oṣù kan jọ. Ti oṣù mẹ́ta á gbà ọ́ ní oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró dáadáa lè dúró síbẹ̀. Ìwọ kọ́, ọdún kan péré ni àdéhùn iṣẹ́ tìrẹ, ti oṣù mẹ́fà ni kí o máa lé. Ọdún kan àtààbọ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó jìn lójú ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Bí ti oṣù kan bá ti pé, dá a dúró díẹ̀ kí o kọ́kọ́ san gbèsè orí káàdì yẹn tán (ìyá rẹ sọ fún mi, má bínú sí i). Kò sí kọ́ìnì tó dájú pé ó máa mú èrè wá tó èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀.

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kí o kó o sí, ní báńkì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí owó oṣù ń wọ̀. Kí wọ́n máa yọ ọ́ fúnra wọn lọ́jọ́ tí owó oṣù bá dé, kí ojú rẹ tó rí i. Má gba káàdì rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n gógó máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbà á bẹ́ẹ̀, owó ọdẹ tó ń ṣọ́lé ni.

Kí lò ń pè ní pàjáwìrì? Iṣẹ́ bọ́, ara ò dá, kọ̀ǹpútà tí o fi ń ṣiṣẹ́ bàjẹ́, ìrìn àjò òjijì nítorí ọ̀fọ̀. Fóònù tuntun kọ́. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ kọ́. "Bítíkọ́ìnì ti já, àsìkò yìí ló yẹ ká rà" kọ́ rárá, èyí tí mo mọ̀ pé ó máa dán ọ wò jù nìyẹn. Bí o bá sì yọ nínú rẹ̀, dá a padà kí o tó ṣe nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ tí ti oṣù mẹ́fà bá pé, fi ìdajì ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ ra bítíkọ́ìnì, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé èmi náà á ní kí o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó ń ṣí wọ́léètì tí kọ́ìnì ènìyàn wà, kó má bàá jẹ́ pé inú fóònù ni o tọ́jú tìrẹ sí.

Ṣe ìṣírò ìnáwó náà kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé. Má dín in kù láti fi wù mí. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o ń sùn dáadáa.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.