Ìbéèrè mi lórí àlejò Ubuntu tó ń wọ́ nílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù gíìgì 4

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí n má kàn máa pariwo pé "ó ń lọ́ra, ó ń lọ́ra", kí n kọ gbogbo nǹkan tí mo rí àti gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ bi yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun rèé. Ó gùn díẹ̀, torí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa, mi ò kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lásán kí n má mọ ohun tó ṣe é.

Láptọ́ọ̀pù tí mo ń lò, mẹ́mórì ẹ̀ ò ju gíìgì 4 lọ. Core i3 ni, kọ́ọ̀ 2, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, dísìkì ẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́ tó ń yí, HDD ni Task Manager kọ sí i. Mo gbé VirtualBox sí i, mo wá dá àlejò kan sílẹ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, Ubuntu 24.04 Desktop. Mo fún un ní 2048 MB àti CPU 1. Gbígbé Ubuntu yẹn wọlé nìkan ju wákàtí méjì lọ, mo ní kò burú, bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìgbà tí mo wá tan án, mo fi fóònù ka àkókò ẹ̀, ìṣẹ́jú 11 gbáko kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ pásíwọ̀dù. Mo ṣí Terminal, ó gba bí ìṣẹ́jú kan. Mo tẹ `ls`, l yọ, mo dúró, mo dúró, kí s tó wá yọ.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé. Mo rò pé ebi mẹ́mórì ló ń pa á, mo bá pa á, mo lọ sínú Settings, mo fún un ní 3072 MB. Ẹ̀gbọ́n, ó burú sí i! Ìṣẹ́jú 19 ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, kì í wá ṣe Ubuntu nìkan ló dì, Windows fúnra ẹ̀ dì, máósì ò rìn, mo tẹ Ctrl+Alt+Del kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Kí ló dé tí èèyàn á fún nǹkan ní mẹ́mórì púpọ̀ sí i tó sì máa lọ́ra sí i? Mo rí i pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń sún mẹ́mórì yẹn ní àwọ̀ ewé níbẹ̀rẹ̀, mo sì ti sún un kọjá ibi tí àwọ̀ ewé parí sí, ṣùgbọ́n VirtualBox ò dá mi dúró, ó jẹ́ kí n tẹ OK.

Mo gbìyànjú láti ro ó fúnra mi kí n tó wá bi yín. Mo pa àlejò, mo pa bráúsà, mo wo Task Manager, Windows nìkan ń jẹ gíìgì 2.2 nínú 3.9. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹ́kù ò pé 2 pàápàá, èmi sì lọ ṣèlérí 3 fún àlejò. Ṣé ibi tí ìyókù ti wá ni fáìlì pagefile.sys yẹn, àbí? Pé Windows ń kó nǹkan látinú mẹ́mórì lọ sórí dísìkì kí àyè lè wà, tó bá sì tún nílò ẹ̀ á tún lọ kó o padà? Ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí gbogbo ẹ̀ dì, sípíyù wà ní bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n dísìkì wà ní 100%, kò kúrò níbẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àlejò rò pé orí mẹ́mórì lòun wà, orí dísìkì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Mo tún wo inú àlejò fúnra ẹ̀ nígbà tó wà lórí 2048 MB:

```
$ free -h
        total   used   free  shared  buff/cache  available
Mem:    1.9Gi  1.4Gi   92Mi    31Mi       431Mi      354Mi
Swap:   2.0Gi  612Mi  1.4Gi
```

Swap, àyè orí dísìkì tí Ubuntu ń lò bíi mẹ́mórì, ti jẹ 612 MB nígbà tí mi ò tíì ṣí nǹkan kan ju Terminal lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́: swap tí àlejò ń lò yẹn, inú fáìlì VDI ló wà, VDI yẹn wà lórí dísìkì mi, orí dísìkì kan náà sì ni Windows ń da pagefile tiẹ̀ sí. Ṣé àwọn méjèèjì ń jà sórí dísìkì kan ṣoṣo nígbà kan náà ni? Tí mo bá pa swap inú àlejò, ṣé ó máa dín ìyà náà kù àbí ṣe ni nǹkan á kàn máa kú lójijì torí mẹ́mórì tán? Àti pé èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú free àti available, torí ẹ̀rù free yẹn kọ́kọ́ bà mí kí n tó rí i pé available pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Èló gan-an ni kí n fi sílẹ̀ fún Windows? Mo kà á pé Ubuntu Desktop fúnra wọn ní gíìgì 4 ló yẹ kí kọ̀ǹpútà ní, gbogbo gíìgì 4 sì ni láptọ́ọ̀pù mi ní, òun àti onílé, ìyẹn Windows. Ṣé mò ń ṣe wàhálà lásán ni?

Ọ̀rọ̀ ìjàpá wá ńkọ́? Nísàlẹ̀ fèrèsé àlejò, lọ́wọ́ ọ̀tún, àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé VirtualBox ló ń sọ fún mi pé láptọ́ọ̀pù mi ò lágbára. Àfi ìgbà tí mo ṣí VBox.log tí mo rí ìlà yìí:

```
HM: HMR3Init: Attempting fall back to NEM: VT-x is not available
```

VT-x, agbára inú sípíyù tó ń mú kí àlejò yára, ò sí kẹ̀? Mo ti wọ BIOS, Enabled ló wà. Task Manager náà, lábẹ́ CPU, ó kọ ọ́ pé Virtualization: Enabled. Mo wá tẹ `systeminfo`, ó ní "A hypervisor has been detected", ìyẹn ni pé ètò kan tó ń darí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò tan Hyper-V kankan o, Windows Home ni mò ń lò. Ibi tí mo wá bá a ni inú Windows Security, lábẹ́ Core isolation, Memory integrity wà ní On. Ṣé òun ló gba VT-x mọ́ VirtualBox lọ́wọ́, tí VirtualBox wá ń gba ẹ̀yìn Windows kó tó dé ibi sípíyù? Àti pé ìjàpá yẹn, báwo ló ṣe burú tó, ṣé òun ló fa ìṣẹ́jú 11 àbí mẹ́mórì ni? Mo bèèrè torí nǹkan tí mo rí lórí dísìkì ń tọ́ka sí mẹ́mórì, mi ò sì fẹ́ di ẹ̀bi ru ìjàpá kó má jẹ́ òun.

Wọ́n ní kí n ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí n tẹ èyí, kí n sì tan kọ̀ǹpútà padà:

```
bcdedit /set hypervisorlaunchtype off
```

Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Láptọ́ọ̀pù yìí náà ni mo fi ń wọ àkáǹtì báǹkì mi, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pa Memory integrity, mo ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Ṣé mo lè pa á tí mo bá fẹ́ lo àlejò kí n sì tún tan án padà tí mo bá ṣe tán, àbí ìyẹn ò mọ́gbọ́n dání? Tí mo bá sì pa á, ṣé WSL, ohun tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, tí mo fẹ́ gbìyànjú lọ́jọ́ iwájú á ṣì ṣiṣẹ́? Mo gbọ́ pé WSL 2 náà nílò hypervisor yẹn.

Àwọn kéékèèké: mo sún CPU àlejò sí 2 lẹ́ẹ̀kan, kọ́ọ̀ 2 náà sì ni gbogbo ohun tí mo ní, kò yá sí i, Windows ló tún ń fà. Ṣé kí n fi í sórí 1? Video Memory wà ní 16 MB, mo sún un sí 128, fèrèsé ṣì ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí mo bá fà á. Mo tẹ `glxinfo | grep renderer`, ó dárúkọ llvmpipe. Mo gbọ́ pé ó túmọ̀ sí pé sípíyù ló ń ya gbogbo àwòrán fúnra ẹ̀ láìsí kádì kankan tó ń ràn án lọ́wọ́, ṣé òótọ́ ni? Mi ò tíì gbé Guest Additions wọlé, torí mi ò mọ̀ bóyá òun náà á tún gba mẹ́mórì.

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí mo kọ gbogbo eléyìí tán ni mo wá bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ lo àlejò yìí fún gan-an. Mo fẹ́ kọ́ àṣẹ Linux ni, kí n mọ bí wọ́n ṣe ń yí pámíṣọ̀n fáìlì, kí n gbé nginx dìde, kí n máa kọ Python díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó nílò désìktọ́ọ̀pù tó ń tàn yanran. Ṣé kí n ju eléyìí nù kí n gbé Ubuntu Server wọlé, kí n fún un ní 1024 MB, kí n má tilẹ̀ wo fèrèsé ẹ̀, kí n máa wọ ibẹ̀ láti Windows pẹ̀lú:

```
ssh -p 2222 emi@127.0.0.1
```

Mo ti kà nípa Port Forwarding lábẹ́ NAT, pé 2222 ti onílé á máa lọ sí 22 ti àlejò. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bóyá 1024 tó fún fífi í wọlé fúnra ẹ̀, tàbí kí n fún un ní púpọ̀ nígbà tí mo bá ń fi í wọlé, kí n wá dín in kù lẹ́yìn náà. Àbí Lubuntu ló máa wà láàárín, fún ọjọ́ tí mo bá fẹ́ rí fèrèsé?

Èyí tó kẹ́yìn, òun ló kan owó. Task Manager kọ ọ́ pé Slots used: 1 of 2, mo lérò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé ojú kan ṣófo tí mo lè ki gíìgì 4 míì bọ̀. Ẹnì kan ní kí n má ra mẹ́mórì, pé SSD ni kí n rà, torí dísìkì ló ń wà ní 100%. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, dísìkì ò bá má rí iṣẹ́ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ká ní mẹ́mórì tó. Owó ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè rí báyìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa kọ́kọ́ rà, àbí ẹ máa ní kí n dúró ná kí n rí bí Server tó wà lórí 1024 ṣe máa rìn?

Mo ti fi VBox.log náà pamọ́, ti 2048 àti ti 3072, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ wò ó ni mo máa fi ránṣẹ́. Mi ò ní tẹ bcdedit yẹn títí ẹ fi máa fèsì.