Mọ́tò Àlòkù àbí Maṣíìnì Tuntun: Bí Èmi àti Tọ́lá Ṣe Parí Ẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti Tọ́lá ò fi rí ọ̀rọ̀ míì sọ ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ. Ọmọ àbúrò màmá mi ni Tọ́lá, mo fi ọdún mẹ́rin jù ú, iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń ṣe, a máa ń tún pírńtà àti láàpútọ́ọ̀pù ṣe, àwa la sì máa ń lọ bá kọ́sítọ́mà ní ọ́fíìsì wọn, torí ta ló fẹ́ gbé pírńtà rù wá bá ẹ. Látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ èrò la fi ń rìn. Nígbà tó yá a ṣa owó jọ díẹ̀díẹ̀, owó náà wá tó ra nǹkan kan. Nǹkan kan ṣoṣo o, kì í ṣe méjì, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi, mọ́tò ni mo fẹ́. Mo tiẹ̀ ti rí ọ̀kan, àlòkù ni, àmọ́ ara ẹ̀ ń dán, àga ẹ̀ ò ya, onímọ́tò ní òun kì í gbé e jáde àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí n má purọ́, mo ti rí ara mi nínú mọ́tò yẹn, mo ti yí gíláàsì wálẹ̀ tán, mo ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, owó ò tíì kúrò lápò mi o.

Tọ́lá ní rárá. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, iye tí wọ́n fẹ́ gbà lórí mọ́tò yẹn á ra maṣíìnì tuntun tá a lè máa gùn fún wa, á sì tún ṣẹ́ kù. Tuntun, Bọ̀dá mi! Kò sẹ́ni tó lò ó bàjẹ́ kó tó kàn wá."

Mo ní, "Òjò ńkọ́?"

"Ẹ̀wù òjò wà."

"Pírńtà ńlá ńkọ́, èyí tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, ṣé orí lo máa gbé e lé ni?"

Kò rí ìyẹn dáhùn. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

A gbé e lọ bá màmá mi kó bá wa dá sí i. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n gbọ́ tiẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dá owó, ẹ lọ jọ dá ẹjọ́," wọ́n bá bá oorun wọn lọ.

Ló bá di pé Tọ́lá ra ìwé kékeré kan, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ibi tá a bá lọ la máa kọ sínú ẹ̀: kìlómítà mélòó, ta ló lọ, kí ló gbé dání. Mo ní kò burú, torí ó dá mi lójú pé ìwé yẹn máa gbè mí, ojoojúmọ́ là ń gbé pírńtà, àbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, a ṣí ìwé. Ìrìn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú ẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, skurudíráfà, wáyà, láàpútọ́ọ̀pù kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré làwa méjèèjì jọ lọ. Pírńtà ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Àwọn ọjọ́ tí ẹ̀yìn ti dùn mí ni mo ń rántí, mo wá ń rò pé ojoojúmọ́ ni. Gbogbo kìlómítà ẹ̀ jẹ́ 500, a wá fi sí 1,000 lóṣù.

Ó wá ku ká mọ iye epo tí ìkọ̀ọ̀kan ń mu. Mi ò fẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà gbọ́, torí kò sí mọ́tò tó ń mu epo lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́tò tó jọ ti ọkùnrin yẹn, ẹ́ńjìnnì kan náà, mo yá a fún ọjọ́ mẹ́ta. A rọ epo kún táńkì dé ẹnu, a fi ṣiṣẹ́ bá a ṣe máa ń ṣe, nígbà tó rin 120 kìlómítà, a padà sídìí pọ́ǹpù kan náà, a tún rọ ọ́ dé ẹnu. Lítà 12 ló wọlé. Ìyẹn lítà 10 fún 100 kìlómítà, kì í sì í ṣe pé mọ́tò náà ṣàìsàn o, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lásán ni, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ a ò kúrò lójú kan. Tọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú maṣíìnì ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì 125 cc, 120 kìlómítà, lítà 3. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin tèmi. Mo ní kó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n lóòótọ́, 3 náà ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Tọ́lá ò fi owó ṣírò. Ó ní owó ń yí padà lójoojúmọ́, ká fi lítà epo ka gbogbo nǹkan. Mọ́tò máa mu lítà 100 lóṣù, maṣíìnì máa mu 25. Mọ́tò fi 75 jù ú.

Mo ní, "Ó dáa, àwọn ọjọ́ pírńtà ńkọ́? Ṣebí a máa háyà mọ́tò ni, ìyẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Ó ní òótọ́ ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n gbà fún un, kì í sá fún nọ́ńbà tí kò gbè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóṣù nìyẹn, a sì ti ń háyà mọ́tò ọkùnrin kan tẹ́lẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, iye tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tá a bá fi ra epo, á tó lítà 6. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, 36. Yọ 36 kúrò nínú 75, ó ku 39. Maṣíìnì ṣì fi lítà 39 dáa ju mọ́tò lọ lóṣoṣù, ó lé ní 460 lọ́dún, a ò sì tíì débi ọ́ìlì.

Ọ́ìlì náà dé. Mọ́tò, lítà 4 lẹ́ẹ̀kan, kó sì tó rin 5,000 kìlómítà ká ti pààrọ̀ ẹ̀, tòun ti fílítà ẹ̀. Maṣíìnì, lítà 1, àmọ́ 3,000 ni tiẹ̀, kò ní sùúrù. Síbẹ̀, lítà 4 péré la máa dà sí i lọ́dún, mọ́tò á fẹ́ẹ̀ tó 10.

Mo ní táyà ńkọ́. Ibí yìí ni mo ti mí díẹ̀. Táyà mọ́tò tó dáa lè rin 40,000 kìlómítà, ti ẹ̀yìn maṣíìnì, bó bá rin 12,000, ká dúpẹ́. Ṣéènì náà tún wà ńbẹ̀, tòun tàwọn irin eléyín tó ń yí lé, wọ́n ń jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀ ni, tó o bá sì gbàgbé láti fi ọ́ìlì pa ṣéènì yẹn, á tètè jẹ tán. Mo ní kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó kọ akoto méjì àti ẹ̀wù òjò méjì náà mọ́ ọn. Inú mi dùn, àṣé nọ́ńbà mi ń pọ̀ ni, àmọ́ kò tíì tó borí tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà gbọ́, kì í ṣe ìwé yẹn nìkan ló ṣẹ́ mi lápá. Mo ní ká ṣì lọ wo mọ́tò ọ̀hún, bóyá tó bá fojú rí i, ọkàn ẹ̀ á rọ̀. A débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, a ò pe onímọ́tò tẹ́lẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Tọ́lá ò wo àga, kò wo kíkùn, ó kàn fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Ó wojú mi. Ẹni tó ní òun ò tíì gbé mọ́tò jáde, kí ló dé tó ti ṣíná ẹ̀ sílẹ̀ kí kọ́sítọ́mà tó dé? Ẹ́ńjìnnì tó bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́, tó bá ti gbóná, ó ti mọ irọ́ pa.

Ó ní kí wọ́n pa á, kó tutù díẹ̀. Ó wá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó yí i síwájú oòrùn, ohun tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ funfun, ó ń yọ̀, bíi ìfófòó ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ eruku. Mo mọ ohun tíyẹn lè jẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì. Ìgbà míì ìrì lásán ni, tí wọ́n bá ń wa mọ́tò lọ síbi tó sún mọ́ nìkan tí ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dáadáa, ìgbà míì gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ, ìyẹn á ní kí o tú gbogbo orí ẹ̀. Mo bi onímọ́tò léèrè ìgbà tó pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn. Ó ní bẹ́líìtì wo? Haa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì tó bá já lórí eré, písítìnì á máa gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á di irin. Tọ́lá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 3115, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é, ọnà ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ àmọ́ ara ẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Táyà mẹ́rin ni mo fi ń gba point lọ́jọ́sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa kọ́kọ́ rà.

Nígbà tá à ń padà sílé nínú ọkọ̀ èrò, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, ká ní ó sọ pé "ṣé ẹ rí i" ni, mi ò bá ti bá a jà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Àwọ̀ wo lo fẹ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, Bọ̀dá mi, ẹ mú àwọ̀." Mo mú pupa.

Oṣù kẹta rèé tá a ti ń gùn ún. Oṣù àkọ́kọ́, lítà 27, kì í ṣe 25, torí mo ń sáré, Tọ́lá sì kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ lítà méjì yẹn nínú ìwé. Òjò ti pa mí lẹ́ẹ̀mejì débi tí omi wọ inú bàtà, lọ́jọ́ méjèèjì mo rántí mọ́tò yẹn, mo rántí gíláàsì ẹ̀. Bá a bá dẹni tó ń gbé pírńtà ńlá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù, ìṣírò á yí padà, èmi náà á sì mú ìwé wá. Ní báyìí, Sátidé ni, iṣẹ́ tèmi sì ni ṣéènì, ó sì ti ń pè mí látìta pé ṣé mo ti rí kanrinkan.