Ẹ Má Bá Ara Yín Jà Lórí Pápá

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà 5, fi bọ́ọ̀tù yẹn sílẹ̀ jàre, róbà tó o fi dè é ti tó, kò ní já.

Mo mọ̀ pé àyà ń já yín. Èmi náà, láti àná ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kò burú. Tẹ́sẹ̀ yín bá ti kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á fò lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe àwọn ọmọ Mọ́kọ́lá tó wà ní yàrá kejì yẹn. Ẹnu yín ni. Ẹ rántí ìdíje tó gbé wa dé ibí. Wọ́n gbá góòlù wọlé wa, bọ́ọ̀lù ò tíì dúró jẹ́ẹ́ nínú àwọ̀n, ẹ̀yin mẹ́rin ti yí nọ́ńbà 3 ká, ẹ ń jágbe mọ́ ọn. Fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ yẹn ń sá fún bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run ló yọ wá lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọgbọ́n. Lónìí, ẹni tó bá ṣàṣìṣe, ẹ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, kẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀lù lọ sáàárín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, èmi wà létí pápá, ẹ wá bínú sí mi.

Àwọn bàbá yín á ti sọ ti Dámámù fún yín. Ọdún 1989 ni, ní Saudi Arébíà, àwọn ọ̀dọ́ wa pẹ̀lú ti Sófíẹ́tì. Mẹ́rin sí òdo ni wọ́n ti nà wá. Àwọn ọmọ wa dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì fi pẹ́náritì lé wọn lọ sílé. Ṣé ẹni tó ń wá ẹni tó jẹ̀bi láàárín ara wọn á rójú dá góòlù mẹ́rin padà? Òótọ́ ni pé Pọtugí wá nà wọ́n nínú àṣekágbá. Ẹ má kọ́ ìyẹn lára wọn.

Òjò àná ti rin koríko, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀. Gólì, èyí tó bá le, má dì í mú, fi ìkúùkù lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, má lé e sáàárín o. Nọ́ńbà 7, ẹni tó máa mú ọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ní. Gba etí ìlà kọjá lára rẹ̀. Nọ́ńbà 9, tí wọ́n bá ta á láti òkèèrè, sáré tẹ̀lé e, bọ́ọ̀lù tútù máa ń bọ́ lọ́wọ́ gólì.

Ẹsẹ̀ kankan ò ní dá lónìí.

Réfíríì ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Ẹ tò. Kápúténì, ìwọ ni iwájú. Nọ́ńbà 3, kí lò ń ṣe lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn? Máa bọ̀, wá dúró ti kápúténì. Ó yá, ẹ ká lọ.